Fídíò alága wa rèé: ṣé ojú wọn ni, àbí wọ́n fi bọ ẹlòmíràn lójú?

Akọ̀wé Ìdúmọ̀tà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa kan tó ń ta aṣọ ní Ìdúmọ̀tà. Láti àárọ̀ àná ni fídíò kan ti ń kiri lórí Wáàsáàpù láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Alága wa ló wà nínú rẹ̀, wọ́n wọ agbádá, wọ́n dé fìlà, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má san owó oṣù yìí sí àkáǹtì àtijọ́ mọ́, pé tuntun rèé. Ìṣẹ́jú àáyá 41 ni gbogbo rẹ̀. Baba fúnra wọn wà ní Mẹ́kà fún Úmúrà, fóònù wọn kò sì wọlé. Ohùn wọn ni, ojú wọn ni, pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn náà wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ara mi ò gbà á. Ẹnìkan sọ fún mi pé kí n wo ẹyinjú wọn, pé bí ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú méjèèjì kò bá bára mu, irọ́ ni. Mo wò ó títí omi fi ń dà lójú tèmi, mi ò rí nǹkan kan. Kí ni kí n máa wò gan-an?

Ọmọ Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì
Ẹ̀gbọ́n, kò le rárá. Ẹ ka iye ìgbà tó ṣẹ́jú. Fídíò ayédèrú kì í ṣẹ́jú, bó bá ti ń wò ràn-ìn bí ẹja inú yìnyín, ẹ ti mọ̀ nìyẹn. Èkejì, àwọn ìkànnì kan wà tí ẹ máa ju fọ́tò sí, ibi tí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn á máa tàn yanranyanran. Èmi máa ń lò ó fún àwọn oníbàárà tó bá fi rìsíìtì tíránsífà hàn mí.

Akọ̀wé Ìdúmọ̀tà
Àbúrò, ó ṣẹ́jú dáadáa. Mo kà á, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án.

Aṣàtúnṣe Yábàá
Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú yẹn jóòótọ́ nígbà kan. Ní 2018, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ jáde pé ojú tí kọ̀ǹpútà ṣe kì í ṣẹ́jú bó ṣe yẹ, torí pé fọ́tò tí wọ́n fi kọ́ ọ níṣẹ́, ẹni tó lajú ló pọ̀ jù nínú wọn. Ta ló máa ń fi fọ́tò tó ti dijú síta? Kò pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe é fi tún ibẹ̀ ṣe. Pẹ̀lúpẹ̀lù, nínú irú èyí tí akọ̀wé gbé wá, ènìyàn gidi kan ló jókòó síwájú kámẹ́rà, tó ń sọ̀rọ̀, tó ń ju ọwọ́, tó ń ṣẹ́jú. Ojú Baba ni wọ́n kàn gbé bọ̀ ọ́. Ìṣẹ́jú tí ẹ kà yẹn, ti ẹni tó jókòó ni.

Ti ìkànnì tó ń tàn yẹn, ẹ gbàgbé rẹ̀ fún ohun tó bá ti gba orí Wáàsáàpù kọjá. Wáàsáàpù ti fún gbogbo àwòrán náà pọ̀ látòkèdélẹ̀. Iṣẹ́ ọnà ara fìlà ló máa tàn jù, ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò sì kan fìlà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ ni ọ̀rọ̀ yìí máa tètè yé: àbùlẹ̀ ni. Kọ̀ǹpútà á gé ojú ẹni tó jókòó, láti abẹ́ fìlà dé àgbọ̀n, láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan dé èkejì. Á yí i padà di ojú Baba, á sì lẹ̀ ẹ́ padà sójú ibẹ̀, á pa etí rẹ̀ rẹ́ díẹ̀ kí ó má hàn. Ọrùn, etí, irun ẹ̀bátí, ọwọ́: gbogbo ìyẹn ṣì jẹ́ ti ẹni tó jókòó. Àbùlẹ̀ lè bá aṣọ mu bíi kíní, ojú-rírán rẹ̀ lẹ máa wá. Ẹ má wo ojú náà fúnra rẹ̀ rárá, torí iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé kó jọ Baba, ó sì jọ wọ́n. Etí àbùlẹ̀ ni kí ẹ wò.

Ẹ gba fáìlì fídíò náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe sikirínṣọ́ọ̀tì. Ẹ ṣí i pẹ̀lú VLC lórí láàpútọ́ọ̀pù, ẹ dá a dúró, kí ẹ wá máa tẹ lẹ́tà E. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, àwòrán kan ṣoṣo ló máa sún síwájú. Ibi tí wọ́n bá ti yí orí, tàbí tí nǹkan ti kọjá níwájú ojú, ibẹ̀ ni kí ẹ rọra rìn. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn àwòrán náà jáde sọ́tọ̀, ẹnìkan á bá yín fi èyí ṣe é:

```
ffmpeg -i alaga.mp4 -ss 15 -t 12 aworan_%04d.png
```

Láti ìṣẹ́jú àáyá 15, fún 12, ni ìyẹn máa kó.

Ìyá Ìbejì Ṣúrùlérè
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ìmọ́lẹ̀ inú ẹyinjú, mo fẹ́ bèèrè. Kẹ́yìndé mi, ọmọ ọdún méjì. Tí a bá fi fláàṣì yà á, ẹyinjú kan á pọ́n, èkejì á funfun bí ojú ológbò. Ṣé fóònù mi ló ń yí fọ́tò náà padà ni?

Aṣàtúnṣe Yábàá
Mà, ọ̀rọ̀ tiwa kọ́ nìyẹn o. Ẹ má wulẹ̀ dúró ti ẹnikẹ́ni níbí. Nígbà míì fláàṣì ló kàn bá ẹyinjú ní ìhà tí kò yẹ, ṣùgbọ́n funfun nínú ẹyinjú ọmọdé kan ṣoṣo, tó ń wáyé léraléra, lè jẹ́ àmì àrùn tí kì í gba ìdúró. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ mú fọ́tò náà dání.

Ìyá Ìbejì Ṣúrùlérè
Ha! Mo dúpẹ́ o. Lọ́la ni.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
Gbogbo yín kàn ń dẹ́rù ba akọ̀wé. Fóònù ìsinsìnyí, gbogbo wọn ló ń kun ojú. Ẹ ya ìyá àgbà lórí fóònù àbúrò mi, ọmọ ogún ọdún ni yóò jáde. Fílítà náà a máa ṣe bí ẹni fi nǹkan lẹ̀ mọ́ ojú, a sì máa gbọ̀n létí àgbọ̀n. Bí gbogbo ojú tó dán ju ọrùn bá jẹ́ ayédèrú, kò sí ẹni gidi kankan lórí Tíktọ́ọ̀kì.

Aṣàtúnṣe Yábàá
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jàre ẹjọ́ lórí ìyẹn. Ojú dídán lórí ọrùn tí ihò awọ rẹ̀ hàn kò tó ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n fílítà kì í gbé ojú ẹlòmíràn wá, torí náà àwọn nǹkan kan wà tí kò lè ṣe. A máa dé ibẹ̀.

Ìdí tí akọ̀wé ò fi rí nǹkan kan nínú ẹyinjú rèé. Akọ̀wé, báwo ni àwòrán fídíò yẹn ṣe fẹ̀ tó?

Akọ̀wé Ìdúmọ̀tà
Ọmọ mi wò ó fún mi. Ó ní 480 ní 848.

Aṣàtúnṣe Yábàá
Ojú wọn ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kó gba bíi 110 nínú píksẹ́lì 480 yẹn, ìyẹn àwọn ẹ̀kán kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán. Dúdú ẹyinjú ènìyàn fẹ̀ tó mìlímítà 12, gbogbo ojú láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ sì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 14, nítorí náà ìdá kan nínú 12 ni ẹyinjú jẹ́ nínú ojú. 110 pín sí 12, kò pé píksẹ́lì 10. Ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ á wá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, èyí tí Wáàsáàpù sì ti lọ̀ pọ̀ mọ́ àwọn tó yí i ká. Kò sí ẹni tó lè rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun fi ẹyinjú mọ̀ pé irọ́ ni nínú irú ẹ̀dà yìí, ó ń fọgbọ́n orí sọ ni. Ẹ wá ẹ̀dà tó dára sí i, kí ẹni tó kọ́kọ́ gbà á fi ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì.

Alájọ Mushin
Èmi tiẹ̀ ti kó sí i rí. Ẹ̀gbọ́n mi ní Dubai pè mí lórí fídíò, mo rí ojú rẹ̀, ó ní kí n bá òun fi ẹgbẹ̀rún 150 ránṣẹ́ sí ẹnìkan. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ tó fi ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa, ó pa á. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé kí a máa ní kí wọ́n fi ìka kọjá níwájú ojú wọn.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá wa. Ìka yẹn gan-an ló dájú! Tí ìka bá ti kọjá, ojú á tú ká. Kò sí èyí tó lè jẹ́ kó má tú.

Aṣàtúnṣe Yábàá
Ó máa ń tú, kì í ṣe gbogbo ìgbà. Àwọn èyí tó dára sí i ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ìka ni, wọ́n á fi í sílẹ̀ lókè. Ẹ jẹ́ kí ó yí orí pátápátá sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí etí kan ṣoṣo kù tí ẹ ń rí. Ojú tààrà ni kọ̀ǹpútà mọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ìyá, ohun tó ju gbogbo ìyẹn lọ ni kí ẹ pa á, kí ẹ fi nọ́ńbà tí ẹ mọ̀ pè é padà. Ní 2024, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ Arup ní Họ́ńgì Kọ́ńgì wọ ìpàdé fídíò, ó rí ọ̀gá rẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì san nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 owó dọ́là. Ayédèrú ni gbogbo wọn. Òun nìkan ni ènìyàn nínú ìpàdé náà.

Akọ̀wé Ìdúmọ̀tà
Mo ti padà dé. Èmi àti ọmọ mi jókòó tì í láti ìrọ̀lẹ́ títí Nẹ́pà fi múná lọ. Ohun tí a rí rèé.

Ní ìṣẹ́jú àáyá 17, wọ́n gbé ọwọ́ sókè láti gbé fìlà wọn gẹ̀. Bí ìka ṣe kan iwájú orí, orí ìka méjì pòórá fún àwòrán mẹ́ta, bí ẹni tó ki ìka bọ abẹ́ awọ. Ní ìkẹrin, ó padà.

Ní 23, wọ́n yí ọrùn sí òsì láti tọ́ka sí kàlẹ́ńdà ara ògiri. Etí àgbọ̀n di méjì, ọ̀kan rọra ń tẹ̀lé èkejì. Ewú tó wà ní ẹ̀bátí pòórá, ó tún yọ. Pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì náà sì parẹ́ bí wọ́n ṣe ń yí, bíi ilà tí wọ́n fi ẹfun fà tí ẹnìkan sì fọwọ́ pa á.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
Wáàsáàpù lè pa pélé rẹ́. Ilà tínrín ni.

Aṣàtúnṣe Yábàá
Ó lè pa á rẹ́ lóòótọ́, fílítà tó ń kun awọ náà lè ṣe é. Pélé kò sí lára ohun tí mo máa gbé ẹ̀sẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ti ìka yẹn. Fílítà tó ń kun ojú lè jẹ́ kí ìka dán, ó lè tẹ̀ ẹ́ kọ. Kò lè fi iwájú orí bo ìka, torí kò ní iwájú orí míì lọ́wọ́ tó máa fi bò ó. Ẹni tó bá ní ojú tó fẹ́ lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ ló lè lẹ̀ ẹ́ lé ìka lórí.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká dán an wò dípò kí a máa jiyàn. Akọ̀wé, ṣé fídíò Baba tí ẹ mọ̀ dájú pé òótọ́ ni wà lọ́wọ́ yín, tí wọ́n ti gbé ọwọ́ sójú? Ẹ fi ránṣẹ́ láti fóònù kan sí òmíràn lórí Wáàsáàpù lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, kí òun náà lè gbó bíi ti àkọ́kọ́, kí ẹ tó wá wò ó bákan náà.

Akọ̀wé Ìdúmọ̀tà
Ó wà, ti ìkómọ ọmọ-ọmọ wọn ní oṣù kejìlá. Wọ́n nu òógùn ojú wọn níbẹ̀. Ẹ mú sùúrù fún mi.

Tísà Àkókà
Mo ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ físíìsì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹyinjú yìí kò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Gbólóhùn tí akọ̀wé kọ́kọ́ gbọ́, pé bí ìmọ́lẹ̀ kò bá dọ́gba irọ́ ni, ààbọ̀ òótọ́ ni. Iwájú ẹyinjú dà bíi dígí tó yọ ikùn síta. Bí ìmọ́lẹ̀ bá jìnnà, bíi fèrèsé tàbí òòrùn, méjèèjì á rí i láti ibì kan náà, nítorí wọn kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà síra wọn. Àmì funfun á dúró sí ibì kan náà nínú méjèèjì, ìrísí rẹ̀ á sì jọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbé iná róbótó tí àwọn ọmọdé fi ń ya fídíò sí ìwọ̀n apá kan níwájú yín, tàbí kí fóònù yín máa tàn sí yín lójú lóru: ẹ̀gbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àmì náà máa wà nínú ẹyinjú kọ̀ọ̀kan. Ẹni gidi ni yín síbẹ̀. Imú pàápàá lè dí ẹyinjú kan.

Ẹnìkan tí orúkọ rẹ̀ fi hàn pé ọmọ káàárọ̀-oò-jíire ni, Adéjùmọ̀kẹ́ Owólabí, ṣe iṣẹ́ lórí èyí ní Yunifásítì Hull nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì gbé e jáde ní 2024. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ fi ń mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe tàn ká nínú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ni wọ́n fi wọn ẹyinjú òsì, wọ́n fi wọn ọ̀tún, wọ́n sì fi wéra. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kevin Pimbblet tí wọ́n jọ ṣe é sọ ọ́ lójúkorojú pé kò ní mú gbogbo rẹ̀, á sì fi ẹ̀sùn kan ẹni gidi nígbà míì.

Aṣàtúnṣe Yábàá
Ẹ ṣeun, Tísà. Ẹ tún ti rán mi létí nǹkan kan: fọ́tò tó dúró sójú kan ni wọ́n ṣe ìyẹn lé lórí, kì í ṣe ojú àbùlẹ̀ inú fídíò. Nínú ti àbùlẹ̀, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹyinjú rèé. Ọ̀kan nínú àwọn tó gbajúmọ̀ jù tí wọ́n ń lò lọ́fẹ̀ẹ́, píksẹ́lì 128 ní 128 péré ni ojú tó ń ṣe, bí ẹ bá sì nà án sí fídíò ńlá á rí wúruwùru. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi irinṣẹ́ kejì pọ́n ọn kó mú. Irinṣẹ́ kejì yẹn ló ń fojú inú kun ẹyinjú. Kò mọ ibi tí fèrèsé wà nínú yàrá. Ó kàn mọ̀ pé ẹyinjú tó rẹwà máa ń ní àmì funfun, ó sì fi ọ̀kan sí i.

Tísà Àkókà
Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má wo bóyá ó dọ́gba. Ẹ wo bó ṣe ń rìn. Ẹ dúró níwájú dígí, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí orí yín dúró, kí ẹ wá wo ọ̀tún kí ẹ wo òsì. Dúdú ẹyinjú á rìn, àmì funfun kò ní bá a dé ibi tó lọ, á sún díẹ̀ ni, á sì ṣẹ́kù sẹ́yìn, nítorí tọ́ọ̀ṣì kò kúrò níbi tó wà. Àmì tí wọ́n kùn síbẹ̀ á gun dúdú ẹyinjú bí ẹni gun ọ̀kadà, ibi tó bá lọ ni wọ́n jọ ń lọ. Ẹyinjú tiwa tó dúdú kirikiri tún jẹ́ kó rọrùn láti rí.

Akọ̀wé Ìdúmọ̀tà
Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ kú ìdúró. Ti ìkómọ: mo fi í kiri fóònù mẹ́ta. Ó ti rí játijàti, pélé wọn ti parẹ́ lóòótọ́ níbi tí wọ́n ti yí orí (Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ jàre). Ṣùgbọ́n áńkáṣíìfù àti ìka wà lórí ojú wọn látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sí èyí tó wọ abẹ́ awọ. Àgbọ̀n wọn kò di méjì.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ní Balógun ló kọ́kọ́ gba fídíò náà, ó ti fi ti ọwọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì. 1080 ní 1920 ni. Mo ti gbé e fún Aṣàtúnṣe.

Aṣàtúnṣe Yábàá
Mo ti wò ó. Ojú wọn fẹ̀ tó 430 nínú èyí, ẹyinjú sì tó nǹkan bíi 36, a lè rí nǹkan. Fèrèsé wà lápá òsì yàrá náà, ó hàn lára agbádá àti lára imú wọn. Ó yẹ kí àmì funfun wà lápá fèrèsé nínú ẹyinjú méjèèjì. Ó wà láàárín gan-an, lókè díẹ̀. Ẹyọ kan nínú ọ̀tún, ẹ̀kán méjì nínú òsì. Láti 29 sí 31, wọ́n wo ìwé ọwọ́ wọn, dúdú ẹyinjú sọ̀kalẹ̀, àmì náà bá a sọ̀kalẹ̀.

Tísà Àkókà
Àwòrán mélòó ni àmì náà ti hàn gedegbe níbẹ̀?

Aṣàtúnṣe Yábàá
Mẹ́rin. Ìyókù, ìpéǹpéjú ti bò ó, tàbí ó ti rí wúruwùru torí pé orí ń mì.

Tísà Àkókà
Mẹ́rin kéré fún mi. Bí orí pẹ̀lú bá mì, gbogbo rẹ̀ á jọ sọ̀kalẹ̀.

Aṣàtúnṣe Yábàá
Mo gbà. Ìka abẹ́ awọ ni mo dúró lé, àti àgbọ̀n oníméjì. Nínú ẹ̀dà tó dára yìí, méjèèjì tún hàn ju ti àkọ́kọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ Wáàsáàpù kò tíì fún èyí pọ̀ tó ìyẹn. Tí Wáàsáàpù ló dá a sílẹ̀ ni, ṣe ló yẹ kó dínkù.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
Ó dáa, mo gbọ́ ti ìka. Ti ẹyinjú, mi ò tíì gbà.

Akọ̀wé Ìdúmọ̀tà
Baba pè wá láti Mẹ́kà láàárọ̀ yìí. Wọn ò ya fídíò kankan. Ènìyàn mẹ́ta ti sanwó kó tó dìgbà náà, a ti lọ bá báńkì.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ni kàlẹ́ńdà ara ògiri yẹn. Ti ọ́fíìsì wa ni. Nígbà tí Aṣàtúnṣe sọ pé etí ẹni tó jókòó ni etí, mo padà lọ wò ó. Ìsàlẹ̀ etí Baba so rọ̀ dáadáa. Èyí tó wà nínú fídíò lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo mọ ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ tí etí rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀.

Aṣàtúnṣe Yábàá
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni síbí. Àwọn tí etí wọn lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ pọ̀ nílùú Èkó ju oníbàárà yín lọ. Ẹ fi fáìlì ọwọ́ ẹni Balógun yẹn pamọ́ bó ṣe wà, kí ẹ má gé e, kí ẹ má tún un fi ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù, kí ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nọ́ńbà tó fi ránṣẹ́ sí i.

Akọ̀wé Ìdúmọ̀tà
Mo ti bèèrè. Ó ní òun ti pa á rẹ́.